Àwọn 'titirọlọ́ọ̀gù' Abidjan: Ohun tí òǹkàwé tí kì í ra ìwé ìròyìn fi hàn nípa àkọlé tó ń mú ìlérí ṣẹ àti èyí tó ń tan ni

Tí ẹ bá gba Williamsville kọjá láàárọ̀, ládùúgbò yìí tó wà ní Adjamé nílùú Abidjan, ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí wọn. Ọkùnrin márùn-ún tàbí mẹ́fà á dúró níwájú ìsọ̀ ìwé ìròyìn, níbi tí wọ́n ti to ojú ìwé àkọ́kọ́ àwọn ìwé ìròyìn ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, ojú wọn ń lọ láti orí àkọlé kan bọ́ sórí òmíràn. Ẹnì kan mí kanlẹ̀, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ní irọ́ ni, àríyànjiyàn sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó bá yá, oníkálukú gba ibi iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò ra ìwé kankan.

Àwọn ará Côte d'Ivoire ní orúkọ tí wọ́n ń pe irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀: titirọlọ́ọ̀gù. Ọ̀rọ̀ Faransé tó túmọ̀ sí àkọlé ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ìrù irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ àkọlé nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa náà mọ irú wọn ní Nàìjíríà. Ní Èkó àti Ìbàdàn, àwọn tó máa ń yí fẹ́ńdọ̀ ká láàárọ̀ máa ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn.

Fún ẹni tó ń kọ àkọlé, titirọlọ́ọ̀gù ni òǹkàwé tó le jù lọ láti bá lò. Kò ní ka ìpínrọ̀ kejì níbi tí a ti ṣàlàyé, kò sì ní rí ìpínrọ̀ kẹwàá níbi tí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ti fèsì. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje tó wà lókè ni gbogbo ìròyìn náà. Ìyẹn ló gbé òun náà dé ìsọ̀ rẹ̀, ìyẹn ló sì sọ fún oníbàárà rẹ̀. Ìtàn bí àwọn ìwé ìròyìn Abidjan ṣe bá irú òǹkàwé yìí lò láti ọgbọ̀n ọdún ó lé fi hàn wá kedere ohun tí àkọlé lè ṣe, àti ibi tó yẹ kó dúró sí.

Báwo ni àkọlé ṣe di ọjà ní Abidjan?

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan ṣoṣo ló gbajúmọ̀ ní Côte d'Ivoire. Fraternité Matin ni. Ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1964 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, ìjọba ló sì ni ín. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Adjamé kan náà tí Williamsville wà, lójú ọ̀nà ńlá tí wọ́n fi sọrí Ọ̀gágun de Gaulle. Láyé ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo yẹn, kò sídìí tí àkọlé fi ní láti pariwo. Kò sí ẹni tó ń bá a du ojú òǹkàwé.

Ọdún 1990 ló yí gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìwọ́de àti ìdààmú ọrọ̀ ajé, Ààrẹ Félix Houphouët-Boigny gbà kí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn wà. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń yọjú ni ìwé ìròyìn ń yọjú. Ní 1991, La Voie jáde, ó sì ń ti ẹgbẹ́ FPI ti Laurent Gbagbo lẹ́yìn. Nígbà tó yá, Notre Voie gba ipò rẹ̀. Le Patriote ń ti ẹgbẹ́ RDR ti Alassane Ouattara lẹ́yìn, nígbà tí Le Nouveau Réveil dúró ti ẹgbẹ́ PDCI. Àwọn mìíràn bíi Soir Info àti L'Inter ní àwọn kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Báyìí ni pátákó tí ìwé kan ṣoṣo wà tẹ́lẹ̀ ṣe kún fún ìwé mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ní láti ka ti apá ọ̀tún àti ti apá òsì, ṣùgbọ́n ta ló lówó tí yóò fi máa ra ìwé mẹ́ta lójoojúmọ́? Ó rọrùn láti dúró kí a sì fi ojú ka gbogbo wọn. Bí titirọlọ́ọ̀gù ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀lẹ ènìyàn. Àìlówó lọ́wọ́ àti àìfọkàntán ìwé kan ṣoṣo ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Olóòtú tó jókòó sí yàrá ìròyìn mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí wà níbẹ̀. Kò sí ìpolówó ọjà mìíràn tó ní ju ojú ìwé àkọ́kọ́ lọ. Ìbéèrè tó ń bi ara rẹ̀ lálẹ́ ni pé: kí ni mo máa kọ tí ẹni yẹn á fi na ọwọ́ sápò?

Ẹ̀tàn méjì, ìjẹ kan náà

Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn lè jẹ́ òótọ́ tàbí ẹ̀tàn. Èyí tó jẹ́ òótọ́ ni pé kí a ṣèlérí ohun kan pàtó tí ìròyìn náà ní nínú, kí a sì sọ ọ́ lọ́nà tí òǹkàwé á fi rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ẹ̀tàn ní tirẹ̀ pín sí méjì, àwọn méjèèjì sì ti wà lórí pátákó Abidjan tipẹ́ kí fóònù tó gbòde.

Àkọ́kọ́ ni kí a fi kókó ọ̀rọ̀ pamọ́. Àkọlé á ní òkú ti sùn, kò ní sọ ẹni tó kú. Á ní gbajúmọ̀ òṣèlú kan ti tú àṣírí, kò ní sọ gbajúmọ̀ wo, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sọ àṣírí kí ni. Ẹni tó ra ìwé náà á ṣí ojú ìwé kẹta, á sì rí i pé àṣírí náà kò ju ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀ lọ.

Èkejì ni kí a bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ jù. Ìpàdé tí àwọn méjì ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ á di ogun. Ẹ̀sùn á di ìdájọ́. Ìfura á di ẹ̀rí. Níbí, òǹkàwé tó ra ìwé náà lè rí òótọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò rà á ni wọ́n tàn jẹ, torí kò ní rí ibi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ náà kúrò.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ṣe èkejì yìí máa ń wà nínú bí wọ́n ṣe tẹ ojú ìwé náà. Àkọlé ńlá ìwé ìròyìn Faransé sábà máa ń ní ìlà kékeré kan lórí àti òmíràn nísàlẹ̀. Ìlà kékeré òkè lè sọ pé ẹgbẹ́ alátakò ló fẹ̀sùn kàn, kí èyí tó wà láàárín, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, sì sọ ẹ̀sùn náà bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá pe olóòtú lẹ́jọ́, á nawọ́ sí ìlà kékeré: 'Ṣebí a sọ pé ẹ̀sùn ni.' Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí pátákó kò lè rí i. Ibi tí lẹ́tà ti tóbi ni ojú ń lọ, ohun tí ojú bá sì rí ni ẹnu yóò gbé lọ.

Èdè Faransé tún ní ọ̀nà kan tí wọ́n máa ń gbà yí ọ̀rọ̀ ìṣe padà láti fi hàn pé ohun tí a ń sọ kò tíì dánilójú. Lẹ́tà díẹ̀ ni wọ́n máa ń fi kún ọ̀rọ̀ náà. Ní Yorùbá, 'wọ́n ní' tàbí 'a gbọ́ pé' ni a fi ń ṣe irú rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ kékeré yìí ń dáàbò bo ẹni tó kọ ọ́ níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró lórí ahọ́n. Àkọlé tó ní 'wọ́n ní mínísítà kan kó owó jẹ' láàárọ̀ á ti di 'mínísítà kó owó jẹ' kó tó di ọ̀sán.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù gbé akọ̀ròyìn dé ẹ̀wọ̀n

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1995, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ASEC gba Orlando Pirates ti South Africa lálejò ní Abidjan fún àṣekágbá ìdíje ife ẹ̀yẹ àwọn akọni Áfíríkà. Wọ́n ti gbá ọ̀mì 2-2 ní Johannesburg, gbogbo ìlú sì ti gbà pé ilé ni ife náà wà. Orlando Pirates fi góòlù kan ṣoṣo gbé e lọ. Ààrẹ Henri Konan Bédié wà ní pápá ìṣeré lọ́jọ́ náà.

La Voie gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé wíwá tí ààrẹ wá ló gbé oríburúkú bá ASEC. Ẹ̀fẹ̀ ni, ìsọ̀ ìwé ìròyìn sì rẹ́rìn-ín. Ìjọba kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú Abou Drahamane Sangaré tó jẹ́ ọ̀gá ìwé ìròyìn náà, Emmanuel Koré, àti Freedom Neruda. Ilé ẹjọ́ rán àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́wọ̀n ọdún méjì-méjì lórí ẹ̀sùn pé wọ́n tàbùkù ààrẹ. Ẹ̀wọ̀n náà pẹ́ tó ọdún kan kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀. Ní 1997, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn akọ̀ròyìn lágbàáyé, tó fìdí kalẹ̀ sí New York, fún Neruda ní àmì ẹ̀yẹ òmìnira ìròyìn.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ yìí kò tẹ̀ síbi kan. Kò sí ẹni tó ka àpilẹ̀kọ náà tí wọ́n tàn jẹ. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé kò sí ẹ̀rí tí ẹnikẹ́ni lè mú wá láti fi hàn pé ojú ẹnì kan ló ń lé góòlù jáde. Àwàdà tó hàn gbangba pé àwàdà ni kò ṣèlérí ìròyìn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn àkọlé tó ń sọ ìfura di òtítọ́ ni wọ́n ń tan ìlú jẹ lójoojúmọ́, ìyẹn kọ́ sì ni wọ́n fi gbé ènìyàn lọ sẹ́wọ̀n. Ìdí rèé tí ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn Côte d'Ivoire fi gbà pé kì í ṣe ọlọ́pàá ló yẹ kó máa wọn àkọlé wò. Ní 1995 yẹn kan náà ni àwọn akọ̀ròyìn fúnra wọn ti dá OLPED sílẹ̀, àjọ tó ń ka ìwé ìròyìn tó sì ń tọ́ka síta nígbà tí ẹnikẹ́ni bá tẹ ìlànà iṣẹ́ lójú. Òfin ọdún 2004 sì wá mú ìyà ẹ̀wọ̀n kúrò fún ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ìròyìn, ó sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tó lè kìlọ̀ fún ìwé ìròyìn tàbí dá a dúró fún ìgbà díẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́ta tí àkọlé kan lè dá ìjà sílẹ̀

Kò sí ìgbà tí iṣẹ́ àkọlé le ní Abidjan tó ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ọdún 2010. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ká sì bi ara wa pé kí ni olóòtú tó fẹ́ sọ òótọ́ lè kọ.

Ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ni wọ́n dìbò ìpele kejì láàárín Laurent Gbagbo tó wà lórí oyè àti Alassane Ouattara. Lọ́jọ́ 30, agbẹnusọ àjọ elétò ìdìbò jókòó níwájú kámẹ́rà láti ka èsì àkọ́kọ́. Aṣojú Gbagbo nínú àjọ náà já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fà á ya lójú gbogbo ayé. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kejìlá, Youssouf Bakayoko tó jẹ́ alága àjọ náà lọ sí ilé ìtura kan tí wọ́n ń pè ní Hôtel du Golf, ó sì kéde pé Ouattara ló borí pẹ̀lú ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Lọ́jọ́ kejì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fagilé ìbò ẹkùn méje níhà àríwá, níbi tí Ouattara ti lágbára, ó sì kéde Gbagbo pẹ̀lú ìdá 51.45. Lọ́jọ́ 3 yẹn kan náà, aṣojú àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé, Choi Young-jin, ní èsì tí àjọ elétò ìdìbò gbé jáde ni òun fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ 4, àwọn méjèèjì búra fún ara wọn bí ààrẹ.

Olóòtú tó bá kọ ọ́ lọ́jọ́ 2 pé 'Ouattara di ààrẹ' ti ṣèlérí ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Èyí tó bá kọ ọ́ lọ́jọ́ 3 pé 'Gbagbo borí' ti ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Méjèèjì yọ ẹni tó sọ̀rọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Titirọlọ́ọ̀gù tó rí àwọn àkọlé méjì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á kàn mú èyí tó bá ọkàn rẹ̀ mu, á sì gbé e lọ síbi tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pàdé. Ìlú náà ní irú ibi bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nígbà náà: àwọn alátìlẹyìn Gbagbo máa ń péjọ sí gbàgede tí wọ́n ń pè ní Sorbonne ní Plateau, àwọn ọ̀dọ́ tó wá láti àríwá sì ń jókòó yí tíì ká ní àdúgbò wọn.

Kí wá ni olóòtú lè kọ? Lọ́jọ́ 2: 'Àjọ ìdìbò: Ouattara ní 54.1, Gbagbo 45.9.' Lọ́jọ́ 3: 'Ìgbìmọ̀ òfin fagilé ìbò ẹkùn méje, ó kéde Gbagbo.' Ẹ wo bí wọ́n ṣe rí. Kò sí èyí tó gùn jù fún pátákó. Kò sí èyí tó tutù tí kò ní mú ènìyàn dúró. Àwọn méjèèjì sì ṣì jẹ́ òótọ́ lónìí, torí àjọ náà sọ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ náà sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọlé kejì tiẹ̀ ṣe ju ìkéde lọ. Ó sọ ohun tí wọ́n ṣe kí Gbagbo tó lè borí, ìyẹn ìbò ẹkùn méje tí wọ́n dànù. Ẹni tó ka ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn lè béèrè ìbéèrè tó tọ́, kódà bí kò bá ra ìwé.

Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ní í yọ ọfà lápó. Rògbòdìyàn tó tẹ̀lé ìbò yẹn gba ẹ̀mí tó lé ní 3,000 kí wọ́n tó mú Gbagbo lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ọ̀rọ̀ agbára àti ìbọn ló fa ikú wọ̀nyẹn, àkọlé kọ́ ló pa wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jáde sígboro pẹ̀lú ìdánilójú tí wọ́n rí lójú ìwé àkọ́kọ́, láì mọ̀ pé ẹnì kan ti yọ 'ta ló sọ bẹ́ẹ̀' kúrò níbẹ̀. Àwọn àlejò tó ń ṣòwò nílùú náà, títí kan àwọn ọmọ Yorùbá tó ti Ẹ̀jìgbò àti agbègbè rẹ̀ wá láti ìran dé ìran, ní láti pinnu láàárọ̀ bóyá kí wọ́n ṣí ìsọ̀ tàbí kí wọ́n tì í. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àkọlé tó sọ ọ̀rọ̀ pàtó ju ohun tí a ń kà fún àríyànjiyàn lọ.

Ṣé kíka ìròyìn tán kò tún un ṣe?

Àwọn olóòtú kan máa ń sọ pé ẹ̀bi òǹkàwé ni: ká ní ó ka ìròyìn náà tán ni, òye ì bá yé e. Ìwádìí kan tí Ullrich Ecker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní fásitì Western Australia gbé jáde ní 2014 kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ìròyìn kan náà láti kà pẹ̀lú àkọlé tó yàtọ̀. Àwọn tí àkọlé tiwọn tẹ̀ síbi kan, láì jẹ́ irọ́ pọ́nńbélé, rántí ìròyìn náà tàbí ronú nípa rẹ̀ lọ́nà tí àkọlé darí wọn sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ka gbogbo rẹ̀. Àkọlé ló ń sọ fún ọpọlọ ohun tó yẹ kó wá nínú ìròyìn. Bó bá ti tẹ̀, a kì í sábà rí i tọ́ tán nísàlẹ̀.

Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kan náà ni àkọlé ń ṣe fún ẹni tó rà á àti ẹni tí kò rà á. Kò tọ́ kí a kọ ọ́ fún ọ̀kan kí a fi ìkejì sílẹ̀.

Bí a ṣe ń kọ ọ́: omi tó dá ní Williamsville

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kékeré kan tí kì í ṣe òṣèlú. Ká ní omi ẹ̀rọ dá ní apá kan Williamsville láti alẹ́ ọjọ́ Ajé. Ilé iṣẹ́ omi ní páìpù ńlá kan ló bẹ́, àti pé àwọn yóò tún un ṣe tán lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Àwọn obìnrin àdúgbò sọ fún akọ̀ròyìn pé iye tí àwọn ń ra kẹ́ẹ̀gì omi ti di ìlọ́po méjì.

Àkọlé kan lè jẹ́: 'Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Williamsville yóò yà yín lẹ́nu.' Ẹ̀tàn àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń gbé Williamsville gan-an kò lè mọ̀ bóyá kó gbé garawa tàbí kó sá. Òmíràn lè jẹ́: 'Òùngbẹ fẹ́ pa Abidjan.' Ẹ̀tàn kejì nìyẹn, torí apá àdúgbò kan ti di odidi ìlú, àìrọrùn sì ti di ikú. Ẹ̀kẹta ni: 'Àìsí omi: Àwọn ará ìlú fẹ̀hónú hàn.' Kò parọ́ tààrà, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan pàtó nínú rẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ó lè jẹ́ ti ìlú mìíràn.

Láti kọ ọ́ dáadáa, ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tuntun kan ṣoṣo tí ìròyìn náà ní sílẹ̀ ní gbólóhùn kan, bí ẹni ń sọ ọ́ fún aládùúgbò: omi dá ní apá kan Williamsville, wọ́n ní ó di Ọjọ́rú, kẹ́ẹ̀gì sì ti wọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín pé èwo nínú rẹ̀ ni a ti rí fúnra wa, èwo sì ni ẹnì kan sọ fún wa. Omi tó dá, a rí i. Ọjọ́rú, ilé iṣẹ́ omi ló sọ ọ́, nítorí náà orúkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìlọ́po méjì owó kẹ́ẹ̀gì, àwọn òǹrajà ló sọ ọ́. Bí akọ̀ròyìn kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta omi láti yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tó yẹ kó wà ni inú ìròyìn, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ohun tó kù ni: 'Omi dá ní apá kan Williamsville, ilé iṣẹ́ omi ní ó di Ọjọ́rú.' Àkọlé yìí ti sọ ibi, ohun tó ṣẹlẹ̀, ìgbà, àti ẹni tó ṣèlérí. 'Apá kan' kò jẹ́ kó tóbi ju bó ṣe rí lọ. Ó sì ṣẹ́ nǹkan kù sílẹ̀ tí ènìyàn á fẹ́ kà: apá wo, kí ló fà á, níbo ni a ti lè rí omi? Òǹkàwé lè dá àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí òǹkàwé fẹ́ mọ̀ sí i àti kí a fi ohun tó ti tọ́ sí i dù ú.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ìdánwò méjì ló kù. Ẹ fi ìka bo gbogbo ìròyìn náà, ẹ fi àkọlé nìkan sílẹ̀: bí ẹnì kan bá ṣiṣẹ́ lórí èyí nìkan, ṣé yóò kábàámọ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìpínrọ̀ tó san gbèsè àkọlé náà. Bí kò bá sí nínú ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ṣèlérí ohun tí kò sí, tàbí kí ìròyìn náà fúnra rẹ̀ wà lódì. Nígbà mìíràn, ohun tí ìdánwò yìí ń fi hàn ni pé kò tíì sí ìròyìn kankan níbẹ̀. Kò sí àkọlé tó lè tún ìyẹn ṣe.

Àmì ìbéèrè yẹ fún ìṣọ́ra pẹ̀lú. Nígbà tí àkọlé bá béèrè pé 'Ṣé wọ́n ti ta ọjà Adjamé ni?', tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró níwájú pátákó á ti gbé 'wọ́n ti ta ọjà' lọ. Bí olóòtú bá mọ ìdáhùn, ìdáhùn ni kó kọ.

Pátákó ti wọ inú fóònù

Lónìí, pátákó ìwé ìròyìn ti wà ní àtẹ́lẹwọ́. Àkọlé ń wọlé sórí WhatsApp àti Facebook pẹ̀lú àwòrán kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi ránṣẹ́ láì tẹ ìlujá tó wà níbẹ̀. Titirọlọ́ọ̀gù ni gbogbo wa báyìí. Ní 2014, Facebook kéde pé òun yóò máa fa àwọn àkọlé ìjẹ sẹ́yìn. Ní 2016, ó ṣàlàyé àmì méjì tí òun fi ń mọ̀ wọ́n: àkọlé tó fi kókó ọ̀rọ̀ pamọ́, àti àkọlé tó bu iyọ̀ jù tí òǹkàwé á fi retí ohun tí kò sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró ní ìsọ̀ ìwé ìròyìn ní Abidjan ní ogún ọdún ṣáájú ìgbà náà ì bá ti júwe méjèèjì fún wọn.

Ohun kan ló yàtọ̀. Ní ìsọ̀, bí ẹnì kan bá gbé àkọlé tó tẹ̀, ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń nawọ́ sí ìwé alátakò tó sọ nǹkan mìíràn. Àríyànjiyàn náà máa ń tún díẹ̀ ṣe nínú rẹ̀. Nínú fóònù, àkọlé kan ṣoṣo ló ń dé, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a fọkàn tán, kò sì sí pátákó tí a lè fi wé e. Ẹrù tó wà lọ́rùn ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje náà ti wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

A ronú lórí àkọlé àpilẹ̀kọ yìí náà. Èyí tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni 'Bí àkọlé ìwé ìròyìn ṣe fún Côte d'Ivoire ní ààrẹ méjì.' Ó dùn létí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò sì tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ìpínrọ̀ tí yóò san gbèsè rẹ̀, a kò rí i, torí àjọ kan àti ìgbìmọ̀ kan ló kéde ààrẹ méjì, kì í ṣe ìwé ìròyìn. A fi í sílẹ̀, a sì mú èyí tí ẹ rí lókè.